Ogun Òru àti Ọpọlọ Tó Ń Lálàá

Nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún tó wà nínú ọjọ́ kan, àgbàlagbà nílò wákàtí méje fún oorun, ó kéré tán. Èyí já sí pé ẹni tó bá lo 60 ọdún láyé yóò ti fi nǹkan bí 17 ọdún àti ààbọ̀ sùn, tí nǹkan bí ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ipò oorun kan pàtó tí àlá ti ń wáyé jù lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Àkúrẹ́ àti àwọn ará ìlú Oǹdó. Wọ́n mọ ẹni tó jí tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tó fẹ́ pariwo tí ohùn kò jáde, tó sì dá a lójú pé ẹnìkan jókòó lé òun láyà. Wọ́n mọ ẹni tó jẹun lójú oorun, tó sì fi ìbẹ̀rù jí. Wọ́n sì mọ bàbá àgbàlagbà tó ń bá ọ̀tá jà lójú àlá títí tó fi gbá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́ lórí ibùsùn.

Ogun òru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Àìná àti Fámúyìwá, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tó dá lórí ìṣègùn ọpọlọ àti àṣà àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi orúkọ Yorùbá yìí gan-an ṣe àkọlé rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn gbà pé àwọn ẹ̀mí àìrí ló ń gba ojú àlá wọ inú ara àti ọkàn ẹni tó sùn, pé wọ́n gbà pé ó máa ń bá obìnrin jù, pé wọ́n máa ń ka ìjà láàárín ọkọ ayé àti ọkọ òru mọ́ ohun tó ń fà á, àti pé àdúrà ìjọ tàbí ètùtù ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi wá ìwòsàn fún un. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò wá bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ohun mẹ́ta, ó kéré tán, fara pamọ́ sí, tí wọ́n yàtọ̀ síra pátápátá nínú ọpọlọ, tí ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀, àti pé ẹni tó bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ti lóye èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìmọ̀ mọ̀ nípa àlá. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ìdí tí ọpọlọ kò fi lè ṣe é kó má sùn, nítorí àìsùn ló sábà máa ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta náà.

Ohun tó ń mú oorun kun ènìyàn

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ọpọlọ fi di ọpọlọ, máa ń lo agbára púpọ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà lójúfò, bí wọ́n sì ṣe ń lo agbára náà ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì ń ṣẹ́kù láàárín wọn, tó ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ènìyàn ti jí. Adẹnosíìnì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí ènìyàn wà lójúfò, ó sì ń fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Oorun nìkan ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ dáadáa.

Àwọn tó ń gbin obì ní Ìdànrè àti ní àyíká Oǹdó ti mọ ohun tó lè dí adẹnosíìnì lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Kaféènì tó wà nínú obì jọ adẹnosíìnì débi pé ó lè lọ jókòó sí ojú ibi tó yẹ kí adẹnosíìnì lẹ̀ mọ́, láìṣe iṣẹ́ tí adẹnosíìnì ń ṣe, oorun yóò sì dá lójú. Síbẹ̀, adẹnosíìnì tó ti kó jọ kò lọ síbì kankan. Ó ń pọ̀ sí i ni, ó sì ń dúró de àyè. Ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ara tó lè palẹ̀ ìdajì kaféènì mọ́, nítorí náà awakọ̀ tó jẹ obì láti lè wakọ̀ ní òru láti Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀ kò rí ìsinmi kankan gbà. Ó sún ìgbà tí oorun yóò dé síwájú ni, oorun náà sì lè dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìdarí ọkọ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára tí a bá dán ìyára ọwọ́ àti ojú rẹ̀ wò.

Adẹnosíìnì nìkan kọ́ ló ń darí oorun. Nínú ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti fi ara kọ́ra, ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí iye wọn tó nǹkan bí 20,000, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ mọ ìgbà, tó sì ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú tàbí pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ní ọdún 1982, Alexander Borbély ti ìlú Súríìkì ní Switzerland so ohun méjèèjì pọ̀ nínú àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ oorun ṣì ń lò di òní: èròjà tó ń kó jọ ń ti ènìyàn sínú oorun, aago inú ara sì ń pinnu ìgbà tí ilẹ̀kùn oorun yóò ṣí. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣọ́ òru rí mọ bí èyí ṣe ń rí lára, nítorí pé ojú máa ń wúwo jù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ara yóò dà bíi pé ó fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adẹnosíìnì inú ọpọlọ ti pọ̀ ju ti aago mẹ́rin lọ. Aago inú ara ló gbé e dìde. Ìmúpadàbọ̀sípò kankan kò tíì ṣẹlẹ̀.

Kí ni ọpọlọ wá ń fi oorun ṣe tó fi ń béèrè fún un báyìí? Ní àwọn ọdún 1980, Allan Rechtschaffen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣikágò kò jẹ́ kí àwọn eku kan sùn rárá, gbogbo wọn ló sì kú tàbí tó sún mọ́ ikú láàárín ọjọ́ 11 sí 32, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú ènìyàn, iṣẹ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti ìrántí: nínú oorun tó wọra, ọpọlọ máa ń tún ohun tó kọ́ lójúmọmọ ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti inú ibi kékeré kan tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí, kó lè wọ inú ìrántí tó ń pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó tó bá kàwé mọ́jú kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ti kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba apá kejì iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọpọlọ rẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n ń sọ ni ti ìmọ́tótó. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ ìwádìí Maiken Nedergaard ní Rọ́ṣẹ́sítà, ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé àyè tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku máa ń fẹ̀ láti ìdá 14 sí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá sùn, tí omi inú ọpọlọ sì ń gba ibẹ̀ ṣàn kọjá, tó ń gbé ẹ̀gbin jáde. Àlàyé yìí gbajúmọ̀ kíákíá, ó sì dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ìkólẹ̀ náà dín kù nínú oorun dípò kí ó pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu àríyànjiyàn, ẹni tó bá sì ń fi í kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti parí ti ń sáré ju ẹ̀rí lọ.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni ohun tí àìtó oorun ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ pé oorun òun kò tó. Ní ọdún 2003, Hans Van Dongen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi wákàtí mẹ́fà mọ fún oorun àwọn ènìyàn kan lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, àṣìṣe wọn nínú ìdánwò tó ń wo bí ọkàn ṣe pọkàn pọ̀ ti pọ̀ tó ti ẹni tí kò fojú kan oorun rárá fún odindi òru kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní oorun kàn ń kùn wọ́n díẹ̀ ni. Ọpọlọ tí oorun kò tó kì í lè fúnra rẹ̀ wọn àdánù rẹ̀. Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ pé ara òun ti mọ́ àìsùn, yálà ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ooru ni kò jẹ́ kí ó sùn ni o, tàbí iṣẹ́ alẹ́.

Bí òru kan ṣe ń lọ

Oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Tí a bá fi àwọn wáyà kéékèèké lẹ̀ mọ́ awọ orí ẹni tó sùn, tí a sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbì iná inú ọpọlọ, irú ẹ̀rọ tí Hans Berger ti ilẹ̀ Jámánì kọ́kọ́ fi gba àkọsílẹ̀ ọpọlọ ènìyàn ní ọdún 1924, a óò rí i pé oorun máa ń fúyẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ó máa ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí ìgbì náà ti ga tó sì lọ́ra, èyí tí a lè pè ní oorun àsùnwọra, àti pé lẹ́yìn náà ohun kan tó yani lẹ́nu máa ń ṣẹlẹ̀: ìgbì náà yóò yára, yóò sì kéré, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lójúfò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ṣì sùn fọnfọn. Ní àkókò yìí, ẹyinjú rẹ̀ máa ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú. Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Ṣikágò ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1953, a ó sì máa pè é ní oorun ẹyinjú-yíyí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Bí wọ́n bá jí ènìyàn nínú rẹ̀, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún, yóò sọ pé òun ń lá àlá lọ́wọ́. Àlá máa ń wáyé nínú àwọn ipò oorun yòókù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gùn tàbí kí wọ́n hàn kedere bí ti ibí.

Ìyípo kan, láti oorun fífúyẹ́ dé òpin oorun ẹyinjú-yíyí, máa ń gba nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, a sì máa ń rí mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú òru tó pé. Wọn kì í dọ́gba. Oorun àsùnwọra ló kún àwọn ìyípo àkọ́kọ́, tí oorun ẹyinjú-yíyí inú wọn lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń súnmọ́ àtimọ́, àsùnwọra yóò tán, oorun ẹyinjú-yíyí yóò sì gùn tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àlá ìdájí fi máa ń gùn, tí a sì ń rántí rẹ̀. Ẹni tó bá ń dìde ní aago mẹ́rin láti lọ kó ọjà, lẹ́yìn tó ti sùn ní aago mọ́kànlá, kò pàdánù wákàtí méjì nínú oorun lásán, ó pàdánù ibi tí àlá pọ̀ sí jù.

Ọpọlọ lójú àlá

Àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ jù nínú ọpọlọ ti jẹ́ kí a mọ bí ọpọlọ ṣe pín iṣẹ́ nígbà àlá, láti inú àwọn ìwádìí tí Pierre Maquet ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Allen Braun ní Amẹ́ríkà gbé jáde láàárín ọdún 1996 sí 1997. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń to àwòrán pọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ gan-an bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti dé. Apá kékeré kan tó wà nínú lọ́hùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní àmígídálà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tètè rí ewu kí ó sì ta ìbẹ̀rù jí, máa ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lójúmọmọ lọ. Ṣùgbọ́n apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí, èyí tí a fi ń ro nǹkan lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, tí a sì fi ń bi ara ẹni pé ṣé ohun tí mò ń rí yìí ṣeé ṣe, máa ń dákẹ́. Nígbà kan náà, èròjà kan tó ń bá ọpọlọ pa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní nọradirẹnalíìnì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán pátápátá.

Tí a bá to àwọn ohun wọ̀nyí pọ̀, ìrísí àlá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa. Ẹni tó ti kú lè wọlé kí ó sì bu oúnjẹ fún alálàá, alálàá yóò sì jẹ ẹ́ láìbéèrè, nítorí pé apá ọpọlọ tí ì bá béèrè kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìbẹ̀rù lè kún ilé tí kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé, tí ọpọlọ sì wá ń to àwòrán tó bá a mu sílẹ̀. Àlá náà yóò sì sá lọ lórí ẹni láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jí, nítorí pé èròjà ìpamọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ ojú oorun kò wọ inú ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé apá ọpọlọ tó mọ ìrísí àti adùn iyán ṣiṣẹ́ láìsí iyán níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apá ọpọlọ tó mọ ojú ìyá ẹni ṣe lè ṣiṣẹ́ láìsí ìyá ẹni nítòsí.

Ibi tí ìtají ọpọlọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jiyàn lé lórí. Ní ọdún 1977, Allan Hobson àti Robert McCarley sọ pé ọ̀pá ọpọlọ, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó so ọpọlọ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń ta ọpọlọ jí láìní ètò, tí apá òkè ọpọlọ sì ń sapá láti sọ ìtají náà di ìtàn. Nígbà tó yá, Mark Solms, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kíyè sí i pé àwọn aláìsàn kan tí ìpalára ti dé bá ibì kan nínú apá iwájú ọpọlọ kò lálàá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ọpọlọ wọn kò ní àbùkù. Ohun tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà ni pé ọ̀pá ọpọlọ ló ń darí oorun ẹyinjú-yíyí, ṣùgbọ́n ìtàn inú àlá, òkè ni wọ́n ti ń hun ún, láti inú ìrántí àti ìfẹ́ ọkàn ẹni tó sùn. Èyí ló fà á tí ará Oǹdó kì í fi sábà lá àlá yìnyín dídì bí kò bá rí i rí, lójú tàbí nínú àwòrán.

Ìdè tó ń so ara mọ́lẹ̀

Ọpọlọ tó ń sá eré, tó ń jà, tó sì ń fò lójú àlá ń rán àṣẹ gidi jáde fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí àṣẹ náà bá dé ibi tó ń lọ, kò sí ẹni tí yóò lè sùn lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn. Michel Jouvet ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ló rí ohun tó ń dá àṣẹ náà dúró: láti ọdún 1959 ló ti ń fi hàn pé gbogbo iṣan ara ológbò máa ń rọ̀ pátápátá nínú oorun ẹyinjú-yíyí, àti pé bí a bá ba ibì kékeré kan jẹ́ nínú ọ̀pá ọpọlọ rẹ̀, ológbò náà yóò máa dìde nínú oorun, yóò máa lé ohun tí kò sí níwájú rẹ̀, yóò sì máa jà, láìjí. Ibẹ̀ ni ìdè náà wà. Láti inú rẹ̀ ni àṣẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn èròjà méjì kan ti ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣan lẹ́nu mọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn láti inú. Ohun méjì ni ìdè náà kì í mú: àwọn iṣan tó ń yí ẹyinjú, àti iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ abẹ́ àyà tó ń fa èémí wọlé.

Ogun òru àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ènìyàn bá ti jí, tí ìdè náà kò sì tíì tú. Kí a fi ìyá oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí a kò fún lórúkọ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló dúró fún. Ó jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó tajà di alẹ́, ó sì lọ fún ìṣọ́ òru ní aago mẹ́wàá. Ó padà délé ní aago márùn-ún ìdájí, lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójúfò fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sùn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ariwo àwọn ọmọ tó ń múra jí i, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì tún sùn padà. Aago inú ara rẹ̀ ti dé àkókò tí oorun ẹyinjú-yíyí lágbára jù ní gbogbo òru, oorun tí kò sì rí sùn ní òru ti ń tì í láti ẹ̀yìn, nítorí náà dípò kí ó gba oorun fífúyẹ́ kọjá, ó já wọ oorun ẹyinjú-yíyí tààrà. Ohùn kan ní ìta tún jí apá kan ọpọlọ rẹ̀. Ojú là, ó rí àjà ilé, ó rí fèrèsé, ó mọ̀ pé yàrá òun ni. Ṣùgbọ́n ìdè náà ṣì wà níbẹ̀, àmígídálà sì ṣì ń ké pé ewu wà. Ọpọlọ tó ń gbọ́ igbe ewu láìrí ohun tó fà á yóò pèsè ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó gbìyànjú láti fa èémí kíkún, iṣan àárín egungun ìhà kò sì dáhùn, ti abẹ́ àyà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ túmọ̀ èyí sí pé ohun kan tẹ̀ ẹ́ láyà. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ìka rẹ̀ kan mì, ìdè tú, ó sì dìde jókòó, òógùn bò ó.

Pé jíjí àti títún sùn lè fa irú èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1992, Takeuchi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánù mọ̀ọ́mọ̀ ń jí àwọn ènìyàn láàárín òru, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n tún sùn, títí tí àwọn kan nínú wọn fi ní ìrírí náà lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé ara ìgbì ọpọlọ wọn dàpọ̀ mọ́ ti ẹni tó wà lójúfò nígbà tí iṣan ara wọn ṣì rọ̀. Ní Nàìjíríà, Ohaeri àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní ọdún 1989 pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí wọ́n bi léèrè tó ti rí i rí. Nígbà tó sì di ọdún 1992, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta, iye wọn tó ti rí i rí sún mọ́ ìdajì. Ìwé kíkà mọ́jú àti iṣẹ́ alẹ́ sì wà lára ohun tó ń gé oorun kúrú. Ohun tó bá ará Àkúrẹ́ yìí náà ló ń bá ará Jàpáánù àti àwọn apẹja erékùṣù Newfoundland ní Kánádà, pẹ̀lú àyà títẹ̀ àti ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Orúkọ tí ibì kọ̀ọ̀kan fún àlejò náà nìkan ló yàtọ̀.

Kì í pa ènìyàn, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Kí ènìyàn sùn ní ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí àkókò oorun má máa yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí ó sì sanwó oorun tó jẹ ara ní òru tó tẹ̀lé ìṣọ́ òru, máa ń dín in kù gidigidi. Nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kí a máà bá gbogbo ara jà, kí a gbìyànjú láti mi ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tàbí láti yí ẹyinjú. Ẹni tó bá ń rí i lemọ́lemọ́, tí oorun sì tún ń gbé e lọ lójijì lójúmọmọ, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń rọ nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, gbọ́dọ̀ rí oníṣègùn, nítorí pé àìsàn oorun mìíràn lè wà níbẹ̀.

Ogun òru kejì jẹ́ òdìkejì ti àkọ́kọ́: ìdè náà kò dè rárá. Ní ọdún 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald ní Minnesota ṣàpèjúwe àwọn ènìyàn tó ń ṣe bí ológbò Jouvet, tí wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n ń ta ìpá, tí wọ́n sì ń já bọ́ láti orí ibùsùn nínú oorun. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló pọ̀ jù lára wọn. Nígbà tí wọ́n bá jí, àlá ìjà tí wọ́n sọ máa ń bá ìṣe wọn mu. Ìdájí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni oorun ẹyinjú-yíyí pọ̀ sí. Láàárín àwọn ènìyàn wa, irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń bá àwọn ọ̀tá jà nínú ẹ̀mí, tí wọ́n á sì kí i kú ìṣẹ́gun.

Ogun òru kẹta kì í ṣe ti àlá rárá. Wárápá tó ń gbé ènìyàn lójú oorun nìkan ni, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà ní òru, ní pàtàkì nínú oorun tí kì í ṣe ti ẹyinjú-yíyí. Ara yóò le, yóò máa jà ní ìlù kan náà, ojú yóò ṣí sílẹ̀ láìríran. Ẹni náà lè gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ó lè tọ̀ sára, yóò sì jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti ìdààmú láìrántí ohunkóhun. Níbí ni àṣìṣe ti burú jù, nítorí pé oògùn wà fún wárápá, ọdún tí ọmọdé bá sì lò nínú ilé àdúrà láìrí oògùn jẹ́ ọdún tí ó lè ṣubú sínú iná ìdáná tàbí sínú odò.

Ẹni tó sùn kọ́ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù, ẹni tó sùn tì í ni. Bí ara bá dúró jẹ́ẹ́, tí ojú là, tí ó sì rántí gbogbo rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá ń jà tí ìjà náà ní ìtàn, tí ó tètè jí nígbà tí a pè é, tí ó sì rí àlá sọ, ti kejì ni. Bí ìjà náà bá ní ìlù kan náà lóru gbogbo, tí kò dáhùn ìpè, tí kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, a gbọ́dọ̀ ka ti wárápá sí. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí ìyàwó tàbí ìyá fi fóònù rẹ̀ gbà ní òru máa ń ran oníṣègùn lọ́wọ́ ju ìròyìn wákàtí kan lọ, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n gbé dání lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED, yálà ti Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́.

Ti bàbá tó ń jà lójú oorun nílò ọ̀rọ̀ kan sí i. Nínú àwọn tí ìdè wọn kò dè mọ́ láìsí oògùn tàbí àìsàn mìíràn tó fà á, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn fún ọdún pípẹ́ rí i pé ó ju ìdajì lọ tí àìsàn Pákínsìnì, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ìrìn lọ́ra, tàbí àìsàn ìgbàgbé tó tan mọ́ ọn, ń bá láàárín ọdún méjìlá. Àìsàn náà ń ba ọ̀pá ọpọlọ jẹ́ kí ó tó dé ibi tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ibi ìdè oorun sì wà lára àwọn ibi tó ń kọ́kọ́ dé. Kò tíì sí oògùn tó lè dá ìrìn rẹ̀ dúró. Ohun tí oníṣègùn lè ṣe ni pé kí ó fún un ní mẹlatonínì tàbí oògùn mìíràn tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà, kí ó wo àwọn oògùn tó ti ń lò bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń dá kún un, kí ó sì máa yẹ ọwọ́, ìrìn, ìrántí àti ìgbóòórùn rẹ̀ wò láti ọdún dé ọdún. Nílé, kí wọ́n sọ ibùsùn rẹ̀ di rírẹlẹ̀, kí wọ́n gbé tábìlì àti dígí kúrò nítòsí rẹ̀, kí àdá má sì sí lábẹ́ ibùsùn náà.